Ta Ni Tíṣà Dìbò Fún?

Ìwé méjì ni wọ́n ń kọ nínú ilé kan ṣoṣo lọ́dún náà, ìwé méjèèjì sì ń bá ara wọn jà. Ìyàwó ń kọ ti ìjọba ní pálọ̀, ọkọ ń kọ ti àwọn tó ń bá ìjọba fà á nínú yàrá ẹ̀yìn, ògiri tó sì wà láàárín wọn kò nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yà kí wọn nígbà náà á rò pé tọkọtaya yìí ń bá ara wọn yan odì. Irọ́ gbuu ni. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Akọ̀wé ni tọmọdé tàgbà ń pe ìyàwó, nítorí pé iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá. Tíṣà ni wọ́n ń pe ọkọ. Ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sì ríran láti kékeré. Tó bá ti kúrò níwájú pátákó, òun náà tún ni akọ̀wé àgbájọ àwọn ẹgbẹ́ akàndá: àwọn afọ́jú, àwọn adití, àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, àwọn tí òye ò tètè yé àti àwọn òbí wọn. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí lè fi odidi ìpàdé kan jà lórí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ti dárúkọ ìjọba báyìí, ẹnu wọn á kò.

Ohun tó fa ìwé kíkọ náà ni Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Àwọn Akàndá Ẹ̀dá. Ìjọba wọn ti tọwọ́ bọ Àdéhùn yìí tipẹ́, ilé aṣòfin náà ti fọwọ́ sí i, wọ́n ti ya fọ́tò, wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ya fọ́tò ọ̀hún kò kà dé ni apá ìsàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí wọ́n ti là á mọ́lẹ̀ pé ìjọba tó bá ti wọ inú Àdéhùn yìí gbọ́dọ̀ jábọ̀ láàárín ọdún méjì, lẹ́yìn ìyẹn kó sì máa jábọ̀, ó pẹ́ tán, ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méjìdínlógún kan ló ń gba ìjábọ̀ náà. Oríṣiríṣi ilẹ̀ ni wọ́n ti wá, akàndá sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fúnra wọn. Wọ́n á ka ti ìjọba, wọ́n á ka ti àwọn ará ìlú náà, wọ́n á wá pe ìjọba wá síwájú wọn kó wá fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Akọ̀wé ló ń kọ ti ìjọba. Tíṣà ló ń kọ ti àwọn ará ìlú. Ẹ rí i pé kò sí ìjà níbẹ̀.

Kí ilé má baà dà rú, wọ́n ṣe òfin kan: ọ̀rọ̀ ìjábọ̀ ò gbọdọ̀ dé orí tábìlì oúnjẹ. Òfin náà dára. Kọ̀ǹpútà Tíṣà ni kò bọ̀wọ̀ fún un. Kọ̀ǹpútà náà ló máa ń ka ohun tí Tíṣà bá kọ síta fún un, ó sì ń kánjú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ohun àfisétí Tíṣà ti bàjẹ́, kò sì ra òmíràn. Bí Akọ̀wé ti jókòó ní pálọ̀ tó ń wá ọ̀rọ̀ dídùn tí yóò fi bo ìjọba láṣìírí, ohùn náà á gba inú ògiri wọlé pé ìjọba ò náání Abala kẹsàn-án, pé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ kò ní ju àtẹ̀gùn lọ, pé ẹni tó bá wá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ arọ láti wá ẹ̀tọ́ rẹ̀, ìta ni yóò ti gbọ́ ìdájọ́.

Akọ̀wé á ké sí i pé, "Ẹ dín ohùn yẹn kù. Ẹ ń tú àṣírí ẹgbẹ́ yín."

Tíṣà á dá a lóhùn láti inú lọ́hùn-ún pé, "Jẹ́ kó máa kà á. Gbogbo ìjọba ò gbọ́, ọ̀kan ṣoṣo tó wà nílé mi kó tiẹ̀ gbọ́."

Bí wọ́n ṣe ń yọ ara wọn lẹ́nu nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra. Nígbà náà lọ́hùn-ún, bíréèlì ni Tíṣà fi ń kọ̀wé ìfẹ́, ìyẹn àmì kóró-kóró tí àwọn afọ́jú máa ń fi ìka kà. Akọ̀wé ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ka ìwé ìfẹ́, ló bá kọ́ bíréèlì. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ ojú ló fi ń kà á: á gbé bébà sábẹ́ iná, á dà á síhìn-ín dà á sọ́hùn-ún kí òjìji kóró kọ̀ọ̀kan lè hàn, á sì máa kà á lọ geere. Tíṣà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ìyàwó òun nìkan ló ń fi ojú fọwọ́ kan nǹkan.

Ọ̀rọ̀ kan wà ṣá o tí kì í ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín wọn, ọ̀rọ̀ ìbò ni. Láti ọjọ́ tí Tíṣà ti tó ìbò dì, kò tíì dìbò kan rí tí ẹlòmíràn ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ ń bá a tẹ̀ka. Nígbà tó gbéyàwó, ó bọ́ sọ́wọ́ Akọ̀wé. Wọ́n á jọ wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, Tíṣà á sọ ẹni tó fẹ́ sí i létí, Akọ̀wé á di ìka rẹ̀ mú, á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ẹni tí Tíṣà fẹ́ kì í sì í ṣe ẹni tí Akọ̀wé fẹ́, gbogbo ilé ló mọ̀. Lẹ́yìn ìbò kan tí ẹni tí Tíṣà fẹ́ fìdí rẹmi, Tíṣà ò yé bi ìyàwó rẹ̀ pé ṣé ibi tí òun wí náà ló tẹ ìka òun sí. Akọ̀wé á búra, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún jẹun.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà bi í, Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í búra bí ìṣe rẹ̀, àmọ́ ọkọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ nìyẹn gan-an. Ìwọ, o ò ní láti gba ẹnikẹ́ni gbọ́ kó o tó dìbò. O kàn ń wọlé, o ń tẹ̀ ẹ́, o ń jáde. Mo fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí n tó darúgbó."

Ìbò ń bọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ náà wọ Akọ̀wé lára, ó sì ń dùn ún, nítorí pé láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ó ti ń rò pé oore lòun ń ṣe fún ọkọ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí Ọ̀gá Àgbà fi mú ìjábọ̀ ìjọba, tó ka ohun tí Akọ̀wé kọ sábẹ́ Abala kọkàndínlọ́gbọ̀n, tó sì bojú jẹ́. Ọ̀gá Àgbà yìí ni olórí iléeṣẹ́ wọn, èèyàn dáadáa ni, bàtà rẹ̀ máa ń dán, ó sì fẹ́ kí gbogbo nǹkan tó bá jáde lábẹ́ òun náà máa dán. Abala yìí ló sọ pé akàndá ní ẹ̀tọ́ láti dìbò ní ìkọ̀kọ̀, kí ọ̀nà ìdìbò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Tó bá wù ú, ó lè mú ẹni tó bá fẹ́ dání kí ó ràn án lọ́wọ́. Akọ̀wé ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti olùrànlọ́wọ́ wà nílẹ̀, ti ìkọ̀kọ̀ ni kò tíì sí fún àwọn afọ́jú. Ọ̀gá Àgbà fa ìlà sí i nínú, ó kọ tirẹ̀ pé àwọn afọ́jú ń dìbò ní ìkọ̀kọ̀ ní gbogbo ibùdó ìdìbò. Akọ̀wé ní irọ́ ni, sà. Ọ̀gá Àgbà ní kì í ṣe irọ́, ó kàn yá ni: àjọ elétò ìdìbò ti ní in lọ́kàn láti ṣe é, kí ìjábọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ wọ́n á ti ṣe é tán. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe lọ.

Ìgbìmọ̀ ò kánjú. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìbéèrè wọn dé, tí ìjọba gbọ́dọ̀ kọ èsì sí kí wọ́n tó fojú kojú. Ọ̀kan níbẹ̀ ní kí ìjọba jọ̀wọ́ ṣàlàyé ohun tí afọ́jú fi ń dìbò ní ìkọ̀kọ̀. Akọ̀wé mọ yàrá tí ìbéèrè yẹn ti jáde, torí ó gbọ́ ọ láti inú ògiri.

Ni eré bá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà sáré lọ bá àjọ elétò ìdìbò, wọ́n sì ṣe férémù kan kíákíá: páálí líle tí wọ́n dá ihò sí lára, tí èèyàn á ti ìwé ìdìbò bọ inú rẹ̀, kí ihò kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí àyè olùdíje kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà olùdíje wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò rẹ̀ ní bíréèlì, kí afọ́jú fi ìka wá a, kó sì tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n inú rẹ̀ dára. Wọ́n fi nylon tó mọ́ gaara wé àpẹẹrẹ kan, ó rẹwà bíi fọ́tò ìgbéyàwó, Ọ̀gá Àgbà sì gbé e síwájú Akọ̀wé.

Ó ní, "Ìwọ lo gbọ́ bíréèlì ní iléeṣẹ́ yìí. Bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n kó má dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ rẹ o. Iwájú Ìgbìmọ̀ la ó ti ṣí i."

Akọ̀wé gbé e sábẹ́ iná. Ó kà á láti òkè délẹ̀, nọ́ńbà kan tẹ̀ lé òmíràn, kò sí àṣìṣe kankan. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i pé ó péye, Ọ̀gá Àgbà sì fi sínú báàgì. Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ó ń kọrin nídìí ààrò, Tíṣà sì bi í bóyá wọ́n fi kún owó oṣù rẹ̀. Ó ní rárá. Òfin tábìlì oúnjẹ ò jẹ́ kó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlú tí Ìgbìmọ̀ ti ń jókòó jìn. Tọkọtaya náà jọ lọ, wọn ò sì jọ lọ: ìjọba sanwó ọkọ̀ òfuurufú Akọ̀wé, àgbájọ ẹgbẹ́ sì dá owó jọ fún Tíṣà àti àwọn méjì mìíràn. Hòtẹ́ẹ̀lì wọn yàtọ̀ síra. Lọ́jọ́ tí Ìgbìmọ̀ ti ilẹ̀kùn láti kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn ẹgbẹ́, tí ìjọba ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, Akọ̀wé pàdé ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe ń jáde. Ó bá a tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Kò bi í ní nǹkan mìíràn. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn wọn ní òun ò rí irú ọ̀tá báyìí rí.

Ọjọ́ ìfojúkojú dé. Gbọ̀ngàn náà tóbi, tábìlì rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, àwọn ògbufọ̀ wà nínú àpótí onígíláàsì, àwọn tó ń fi èdè ọwọ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn adití dúró níwájú, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnu bá sì sọ ń hàn lára ògiri bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wù lè wò ó láti ilé. Ẹ̀yìn pátápátá ni Tíṣà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí. Níbi yìí, wọn kò láṣẹ láti sọ̀rọ̀, etí nìkan ni tiwọn.

Abala ni wọ́n fi ń pín ìbéèrè, láti orí èyí tó ṣáájú lọ sórí èyí tó kẹ́yìn, ó sì gbà wọ́n ju ọjọ́ kan lọ. Wọ́n bèèrè lórí Abala kejìlá, pé kí ló dé tí òfin ilẹ̀ náà ṣì fi ń jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n gba ìpinnu lọ́wọ́ àbúrò tí òye ò tètè yé, dípò kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ kó fúnra rẹ̀ pinnu. Akọ̀wé dáhùn, èsì náà ò fi bẹ́ẹ̀ dán. Wọ́n bèèrè lórí Abala kẹrìnlélógún, lórí ilé ẹ̀kọ́ tó gba gbogbo ọmọ pọ̀. Ìyẹn dán díẹ̀, nítorí òfin tuntun ti wà, alága sì yìn wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kan Abala kọkàndínlọ́gbọ̀n.

Ọ̀gá Àgbà ti ń retí rẹ̀. Ó tún jókòó, ó fa férémù yọ nínú báàgì, ó ya nylon rẹ̀, ó sì gbé e sókè kí kámẹ́rà lè rí i. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní ilẹ̀ òun kò gbẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Màmá kan wà nínú Ìgbìmọ̀ tó ti ṣe adájọ́ rí ní ilẹ̀ tiwọn, afọ́jú ni. Ó dúpẹ́, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà rí i. Wọ́n gbé e lọ bá a. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó fi ìka rìn ín láti òkè wá sísàlẹ̀, ó yí i padà, ó fi ìka rin ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Ó ti ìka bọ inú ihò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó.

"Ẹ ṣeun," ó ní, ògbufọ̀ sì ń tú u. "Páálí yìí dán gan-an, ihò rẹ̀ sì gún régé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi mú èyí tí wọ́n kọ nǹkan sí lára wá."

Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó rò pé màmá náà ò tíì débẹ̀. Ó ní nǹkan wà lára rẹ̀, mà, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Màmá ní òun ti dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

Ojú ẹsẹ̀ ló ti yé Akọ̀wé. Yíǹkì ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n fi tẹ kóró bíréèlì náà sórí páálí bí ẹni tẹ fọ́tò. Wọ́n tiẹ̀ fi òjìji sí i kó lè dà bíi pé ó yọ síta. Kóró kan kò yọ. Ẹni tó ń fi ojú rìn lè kà á láti àárọ̀ dalẹ́. Òun náà sì kà á láti òkè délẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i, òun ìyàwó afọ́jú, nítorí pé kò yá ìka afọ́jú kankan lò.

Màmá náà ò bínú. Ó kàn bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Ó ní Abala kẹrin ní kí ìjọba máa fọ̀rọ̀ lọ àwọn akàndá nípasẹ̀ ẹgbẹ́ wọn lórí ohun tó bá kàn wọ́n. Ta ni afọ́jú tó bá wọn ṣe férémù yìí?

Ọ̀gá Àgbà wo Akọ̀wé. Akọ̀wé wo Ọ̀gá Àgbà. Ó lè sọ pé òun yóò fi èsì ránṣẹ́ lẹ́yìn ìjókòó, àyè wà fún irú ìyẹn, ìjọba sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti sọ bẹ́ẹ̀, gbólóhùn dídán yẹn á wà nínú ìwé bó ṣe wà, ìbò á dé, òun á tún di ìka ọkọ òun mú lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó tẹ̀ sí Ọ̀gá Àgbà létí, ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀gá Àgbà sún máíkì sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Sọ ọ́," ó ní. "Ojú ti tì wá tán, kí ló kù?"

Akọ̀wé tan máíkì. Ó ní, "Alága, kò sí afọ́jú kankan tó bá wa dá sí i. Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbọ́ bíréèlì, ṣùgbọ́n ojú ni mo fi ń kà á, mi ò sì fọwọ́ kàn án. Gbólóhùn tó wà nínú ìjábọ̀ wa, pé àwọn afọ́jú ń dìbò ní ìkọ̀kọ̀, a fà á padà. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀, nítorí pé èmi ni mo máa ń bá ọkọ mi tẹ̀ka."

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn. Akọ̀wé mọ ikọ́ náà, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá Àgbà gba máíkì, ó ní wọ́n á tún un ṣe pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ kí ìbò tó dé, òun ló sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ayé. Màmá adájọ́ ní ìdáhùn yẹn wu òun ju férémù lọ. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá Àgbà pàápàá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n tú ká, Ọ̀gá Àgbà lọ bá Tíṣà lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í bóyá òun ló kọ́ màmá yẹn ní ohun tó ṣe. Tíṣà fi gbogbo ara búra pé òun ò mọ̀ pé nǹkan tó ń jẹ́ férémù wà láyé títí di àárọ̀ ọjọ́ náà. Ló bá fa bébà bíréèlì kan yọ nínú àpò, ó ní kí Ọ̀gá Àgbà dijú. Ó di ìka rẹ̀ mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìlà àkọ́kọ́. Ọ̀gá Àgbà ní ó ń rìn òun bí èèrà. Tíṣà ní ohun tó yẹ kó wà lára páálí yẹn gan-an nìyẹn. Akọ̀wé dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń wo ọ̀gá rẹ̀ tó dijú tó sì lanu sílẹ̀.

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ parí ìjókòó wọn, àbá wọn jáde, ẹni tó bá fẹ́ lè kà á. Wọ́n yin ìjọba lórí òfin ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Abala kejìlá kọ àwọn lóminú, ti àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́ náà sì wà níbẹ̀. Lórí ìbò, wọ́n ní kí ìjọba bá ẹgbẹ́ àwọn akàndá ṣe férémù tó ṣeé kà, kó sì wá jíṣẹ́ láàárín ọdún kan. Ẹnì kan ní ilé ẹ̀kọ́ bi Tíṣà pé, tí ìjọba bá kọ̀ ńkọ́, ṣé Ìgbìmọ̀ ní ọlọ́pàá ni? Tíṣà ní wọn ò ní. Ó ní wọ́n kàn máa tún bèèrè ni, lójú gbogbo ayé, àwọn ẹgbẹ́ náà á sì máa rán ìjọba létí láti ilé. Ó fi kún un pé ìjọba ti tọwọ́ bọ ìwé àfikún Àdéhùn náà pẹ̀lú, pé bí afọ́jú kan bá gbé ẹjọ́ dé òpin ilé ẹjọ́ ilẹ̀ wọn láìrí ẹ̀tọ́ gbà, ó lè gbé e tọ Ìgbìmọ̀ lọ fúnra rẹ̀, òun sì mọ afọ́jú kan tí kì í tètè rẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà ò dúró de ìyẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú páálí dídán lọ́wọ́, kò tún sí ẹni tó gbóná lórí ọ̀rọ̀ yìí tó o. Òun ló ń lé àjọ elétò ìdìbò kiri. Férémù bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́: èyí àkọ́kọ́, nọ́ńbà rẹ̀ há mọ́ra, èkejì, etí rẹ̀ ń gé ni lọ́wọ́, òmíràn tún dé tí ìwé ìdìbò ń yọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn afọ́jú á fọwọ́ rìn ín, wọ́n á dá a padà. Gbogbo èyí tí Akọ̀wé bá gbé wá, dídì ló kọ́kọ́ ń dijú kó tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, wọ́n dá ọ̀kan ṣe tí ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan sọ sí, àfi Tíṣà, tó ní àwọ̀ rẹ̀ ò dára. Wọ́n ní báwo ló ṣe mọ̀? Ó ní ìyàwó òun ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìbò, tọkọtaya náà wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n sì tò sórí ìlà. Akọ̀wé dìbò tirẹ̀, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò fi férémù lé Tíṣà lọ́wọ́, ó ṣàlàyé ibi tí ìwé wà, Tíṣà sì wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé lóun nìkan. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó wà lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Òṣìṣẹ́ náà bi Akọ̀wé bóyá kò ní lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Akọ̀wé ní wọn ò tíì pe òun. Ọwọ́ ń yún un ṣá o, ó kó o sẹ́yìn, ó so wọ́n pọ̀.

Nígbà tí Tíṣà jáde, ó ti ká ìwé rẹ̀, ó bèèrè ibi tí àpótí wà, ó sì jù ú sínú rẹ̀. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ẹnì kan pàtó tó ń rín in sí. Akọ̀wé fún un ní apá rẹ̀, wọ́n jọ ń lọ sílé. Ó gbìyànjú láti mú ẹnu mọ́, ó gbìyànjú títí wọ́n fi kọjá ilé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ta lẹ wá dìbò fún?"

Tíṣà dúró láàárín ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ lu ilẹ̀. "Akọ̀wé ìjọba," ó ní, "kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ pé o ò mọ̀."

Ìjábọ̀ tó tẹ̀ lé e dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, pálọ̀ kan náà, ògiri kan náà, kọ̀ǹpútà sì ń pariwo nínú yàrá lọ́hùn-ún lórí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́ tó ṣì wà níbẹ̀ di ìsinsìnyí. Akọ̀wé dé Abala kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní àwọn ibùdó tí férémù ti dé, àwọn afọ́jú ń dìbò ní ìkọ̀kọ̀. Ó dúró, ó wò ó bóyá òótọ́ ni. Ó rántí gbogbo bó ṣe tan ọkọ rẹ̀, bó ṣe sè fún un, bó ṣe fọgbọ́n wá a lẹ́nu wò láti ọjọ́ náà wá, tí kò sì rí nǹkan kan gbọ́ títí di òní. Ó rẹ́rìn-ín sínú, ó sì fi gbólóhùn náà sílẹ̀ bó ṣe wà.